Tíréèdì 64, èrè ₦70,000: ọgbọ́n mi ni àbí oríire?

Ọmọ Kútọ̀
Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹni tí irú èyí bá ti ṣẹlẹ̀ sí rí, kó jọ̀ọ́ sọ tiẹ̀. Tèmi nìyí.

Oṣù mẹ́rin ni mo ti ń tréèdì EURUSD, ìyẹn yúrò sí dọ́là, láàárọ̀, kété tí ọjà Lọ́ńdọ̀nù bá ṣí. Ètò kan ṣoṣo ni. Iye owó bá fọ́ òkè tàbí ìsàlẹ̀ ibi tó ti ń rìn láti òru, mo wọlé. Tó bá lòdì sí mi, sítọ́ọ̀pù á tì í, ₦5,000 lọ. Tó bá bá mi lọ, mo kó ₦10,000. Mi ò yí i padà rí. Mo ti ṣe 64: 26 wọlé, 38 jóná. ₦260,000 wọlé, ₦190,000 jáde, ìwé àkọsílẹ̀ mi ní mo jẹ èrè ₦70,000.

Ẹ̀gbọ́n mi kan ní Ọbántókò rí ìwé náà lọ́jọ́ Sátidé. Ó ní òun máa fún mi ní mílíọ̀nù 2 tí òun ń tọ́jú fún òrùlé ilé, kí n máa fi ṣe é. Inú mi dùn títí di alẹ́. Alẹ́ ni oorun kọ̀ tí kò wá. Mo dìde, mo ṣí ìwé, mo bi ara mi pé ká ní márùn-ún péré nínú 26 yẹn ló jóná ńkọ́? 21 á mú ₦210,000 wá, 43 á kó ₦215,000 lọ. Mo ti jẹ gbèsè ₦5,000 nìyẹn. Tíréèdì márùn-ún! Mo sì rántí ọ̀kan nínú wọn dáadáa tó jẹ́ pé díẹ̀ báyìí ló kù kó fọwọ́ kan sítọ́ọ̀pù kó tó yí padà.

Báwo lẹ̀yin ṣe mọ̀ pé ti yín kì í ṣe oríire?

Jagun Fóréèsì
Àbúrò, má da ara ẹ láàmú. 30 ni òfin. Nílé ìwé wọ́n kọ́ wa pé tí nǹkan bá ti pé 30, o lè gbára lé e. Ìwọ ti ṣe ju ìlọ́po méjì ẹ̀ lọ. Èmi 40 ni mo ṣe kí n tó kó owó àjọ mi sí i, mo ṣì wà láyé. Gba owó ẹ̀gbọ́n ẹ.

Olùkọ́ Ìṣirò
Ọ̀gá Jagun, 30 yẹn kì í ṣe irọ́, ìbéèrè mìíràn ló ń dáhùn ni. Ó ń sọ pé a lè bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìpíndọ́gba ṣe ìṣirò láìbẹ̀rù jù. Kò sọ pé ìpíndọ́gba náà ju òdo lọ. Èmi náà ti gbé e gun orí rí, ó sì ná mi lówó, torí náà ẹ jẹ́ ká fi ti ọmọ Kútọ̀ ṣe é.

Ẹ pe ₦5,000 yẹn ní ẹyọ kan. Tó bá wọlé, ẹyọ 2; tó bá jóná, ẹyọ 1 lọ. Èrè gbogbo ẹ̀ jẹ́ ẹyọ 14. Ẹ pín in sí 64, ẹyọ 0.22 ló kan tíréèdì kọ̀ọ̀kan. Ìyẹn ni ọgbọ́n tó rò pé òun ní. Ṣùgbọ́n kò sí tíréèdì kankan tó mú 0.22 wálé rí. 2 ni wọ́n ń mú wá, tàbí kí wọ́n kó 1 lọ. Bí èsì ṣe ń fò jìnnà sí ìpíndọ́gba ẹ̀ báyìí ni ìfọ́nká, tiẹ̀ sì tó 1.49. Ẹ rí i pé ariwo ọjà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méje orin tó fẹ́ gbọ́.

Ohun tí iye tíréèdì ń ṣe ni pé ó ń mú ariwo náà rọlẹ̀, àmọ́ kì í yá. 64 kò ní kí a fi 64 pín in, 8 la ó fi pín in, torí 8 lọ́nà 8 ni 64. Ariwo tó kù jẹ́ 0.19. Fi ìyẹn pín 0.22, láìgé nọ́mbà kù, o rí 1.18. Ohun tí a máa ń wá kí ọkàn tó balẹ̀ ni bíi 2. Ẹni tó ní Excel kò nílò kó fọwọ́ ṣe é, kó kó èsì 64 náà sí òpó B:

```
=AVERAGE(B2:B65)/(STDEV.S(B2:B65)/SQRT(COUNT(B2:B65)))
```

Ẹ wò ó lọ́nà yìí. Ká kó ènìyàn 100 jọ sí iwájú Olúmọ, tí ètò gbogbo wọn kò ní èrè kankan nínú, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ṣe 64. Nǹkan bí 12 sí 14 nínú wọn máa mú ₦70,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ wálé. Ẹ̀gbọ́n tiwọn náà á fẹ́ kó owó òrùlé lé wọn lọ́wọ́.

Ẹni tó kọ́kọ́ rí ọ̀nà ìṣirò yìí, William Gosset, iṣẹ́ ìpọntí ló ń ṣe ní Guinness ní Dublin. Ó tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́dún 1908, “Student” ló fi bo orúkọ ara ẹ̀. Àyẹ̀wò tí wọ́n ń rí kì í pọ̀, ó sì fẹ́ mọ bí òun ṣe lè gbẹ́kẹ̀ lé díẹ̀ yẹn tó. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ń mu ún lálẹ́, ẹ máa rántí.

Ìyá Aládìrẹ Ìtòkú
Ẹ jọ̀ọ́, ṣé òwò yìí náà ni ẹ ń sọ? Èmi ò mọ fóréèsì o. Ṣùgbọ́n oṣù tó kọjá mo rò pé ọjà mi ti gbé sókè, mo fẹ́ gba ṣọ́ọ̀bù kejì. Ọmọ mi ní kí n yọ oníbàárà kan ṣoṣo tó wá kó aṣọ ẹbí ìgbéyàwó kúrò nínú ìṣirò. Nígbà tí a yọ ọ́, oṣù náà kò yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀. Mi ò gba ṣọ́ọ̀bù náà mọ́. Ẹ má bínú bí kò bá kan ọ̀rọ̀ yín.

Olùkọ́ Ìṣirò
Ìyá wa, ó kàn án gan-an ni. Èyí tí ẹ ṣe yẹn, gbogbo oníṣòwò fóréèsì ló yẹ kó máa ṣe é: ẹ yọ tíréèdì kan tó tóbi jù, kí ẹ wo ohun tó kù. Ti ọmọ Kútọ̀ kò ní ìṣòro yẹn, torí gbogbo èrè ẹ̀ dọ́gba.

Ará Láfẹ́ńwá
Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wá 2 yìí, ẹ gbọ́ tèmi. Èmi ní 40.

Ọ̀nà ìlọ́po ni mo ń lò. Tí mo bá pàdánù, màá ṣe ìlọ́po méjì, màá tún ṣe ìlọ́po, títí ọjà á fi padà, màá kó ₦2,000 mi. Ìgbà 118 ni mo kó o, ọ̀kan kò jóná. Nígbà mìíràn ₦1,500, nígbà mìíràn ₦3,000, kì í jìnnà. Mo ti ní ₦236,000. Nítorí èsì ń sún mọ́ra wọn, ìfọ́nká kéré gan-an, nọ́mbà yín yẹn sì wá ga bí òkè. Mo fi han gbogbo ènìyàn. Ìkọkàndínlọ́gọ́fà ni ọjà kọ̀ tí kò padà. ₦310,000 ló kó lọ lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Iná kò sí, mo wà níbi tí wọ́n ti ń ṣe fóònù mi, mo kàn ń rí i tó ń lọ ni.

Ẹ dá mi lóhùn: kí ni 40 yẹn sọ fún mi?

Olùkọ́ Ìṣirò
Kò sọ nǹkan kan, ọ̀rẹ́ mi. Ìfọ́nká tó ti hàn nìkan ló lè kà. Ti ẹ̀ ṣì wà nínú àpò, kò tíì jáde. Ibi tí ètò bá ti ń jèrè kékeré lọ́pọ̀ ìgbà, tí òfò ńlá ẹ̀ sì ṣọ̀wọ́n, àyẹ̀wò yìí á máa tàn ọ́ jẹ títí ọjọ́ tí òfò náà á fi dé. Ẹ béèrè ohun tó burú jù tí ètò yín lè ṣe lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ fọwọ́ kọ ọ́ kún èsì, kí ẹ tún un ṣírò.

Ará Adátán
Èmi ò lo ìlọ́po, ó ṣì tàn mí. 210 tíréèdì lórí EURUSD, GBPUSD àti AUDUSD, mo rí 2.3, mo yọ̀. Ìyàwó mi ló bi mí pé kí ló dé tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fi máa ń jóná pa pọ̀. Dọ́là kan náà ló wà nídìí wọn! Tíréèdì mẹ́ta ti àárọ̀ kan, tíréèdì kan tó wọ aṣọ mẹ́ta ni. Mo pa ti ọjọ́ kọ̀ọ̀kan pọ̀ di èsì kan, 210 di 96, 2.3 di 1.6. Owó kò yí padà, iye ẹ̀rí ló dín kù.

Ọmọ Kútọ̀
Ẹ ṣeun o. Èmi EURUSD nìkan ni, ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́, torí náà ti Adátán kò kàn mí. Ṣùgbọ́n mo lọ wo ákántì gan-an. Èrè ₦54,000 ló wà níbẹ̀, kì í ṣe ₦70,000. Mi ò kọ owó tí búrókà ń gbà sínú ìwé mi, ₦250 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo yọ ọ́, 0.22 di 0.17, 1.18 sì di 0.91. Nǹkan kékeré bẹ́ẹ̀! Ọ̀gá Olùkọ́, mélòó ni màá ṣe kí n tó mọ̀?

Olùkọ́ Ìṣirò
Tó bá jẹ́ pé 0.22 yẹn ni, 185 ni ọ̀rọ̀ á fi dé 2. Pẹ̀lú owó búrókà, ó di 310. Tíréèdì 16 lóṣù, ó ju ọdún kan àtààbọ̀ lọ. Kí n sì sọ òótọ́: 310 náà, bí ọgbọ́n ẹ bá tiẹ̀ jẹ́ òtítọ́, bíi ìdajì ìgbà péré ló máa kọjá 2. Kó tó kọjá nígbà 8 nínú 10, wàá fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe ìlọ́po méjì iye yẹn.

Jagun Fóréèsì
Ẹ rí i? Ọdún mẹ́ta! Ọjà á ti yí padà kí ó tó pé. Ta ló fi ọdún mẹ́ta dúró kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́? Ìṣirò yín ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jẹun.

Olùkọ́ Ìṣirò
Ibẹ̀ ni mi ò lè bá ẹ jiyàn, ọ̀gá. Ètò tí èrè ẹ̀ kéré tí tíréèdì ẹ̀ sì ṣọ̀wọ́n, ó lè kú kí a tó mọ̀ bóyá ó wà láàyè rí. Mi ò ní oògùn ẹ̀. Ohun tí mò ń sọ ni pé kó máa fi ₦5,000 tiẹ̀ ṣe é, kí òrùlé ẹlòmíì má wà nínú ẹ̀.

Ọmọ Kútọ̀
Ó ti tó oṣù kan ó lé díẹ̀, ẹ jẹ́ kí n jábọ̀. Mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé kó ra páànù ẹ̀. Ó bínú díẹ̀, ó ní bóyá mo fẹ́ dá jẹ ẹ́ ni. Lẹ́yìn ìgbà náà mo ṣe 19, 6 wọlé, 13 jóná. Mo wà lórí 83 báyìí. Èrè inú ákántì wà ní ₦44,250, nọ́mbà náà sì ti bọ́ sí 0.66. Mò ń ṣe é lọ.