Ìrírí yín: oníbàárà wá ọjà tó wà nílẹ̀, ẹ̀rọ ní kò sí

Ọmọ Pàkátà: Sáìtì tí mò ń bójú tó ń ta aṣọ òfì láti Ìlọrin. Mo yẹ àkọsílẹ̀ ohun tí àwọn èèyàn ń wá tí wọn ò rí wò, ni mo bá bá "aso ofi pupa ilorin" pàdé. Òfì pupa sì wà nílẹ̀ rẹpẹtẹ! Dandan ni ẹ̀rọ tó ń bá wa wá ọjà nínú sáìtì náà fi lé e pé kí ọ̀rọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà lára ọjà kan. Ta ni yóò tún kọ "Ilorin" sára ọjà nígbà tó jẹ́ ibẹ̀ ni gbogbo wọn ti wá? Báwo lẹ ṣe yanjú irú ẹ̀?

Ará Ọ̀fà: Ẹ yọ dandan kúrò. Ọ̀rọ̀ kan péré tó bá ti bá a mu, kó gbé e jáde. Látìgbà tí mo ti ṣe é, òfo ò sí mọ́.

Alfa Ẹ̀rọ: Òfo ò sí, àmọ́ ẹni tó wá òfì ń rí bàtà pupa. Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ wá gbogbo ọ̀rọ̀ náà. Bó bá ṣófo nìkan ni kẹ́ ẹ dẹ okùn díẹ̀:

```
"minimum_should_match": "2<75%"
```

Bí ọ̀rọ̀ ò bá ju méjì lọ, gbogbo rẹ̀ ni dandan. Bó bá jù bẹ́ẹ̀, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin tó. Nínú mẹ́rin tiyín, "ilorin" lè já bọ́. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ẹ̀rọ ò mọ èyí tó yẹ kó já. Ańkárá pupa tí wọ́n kọ "aso" àti "Ilorin" sí lára náà ti pé mẹ́ta, á sì wọlé. Nítorí náà, ẹ ya "ofi" sọ́tọ̀ sínú `must`, kó má lè kúrò. Ìlú ni kó kọ́kọ́ lọ, lẹ́yìn náà àwọ̀.

Ìyá Aláṣọ Ìpàta: Ẹ gbà mí o. Orúkọ ṣọ́ọ̀bù tèmi náà kì í jáde lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ṣé òun náà lẹ ń sọ?

Ọmọ Pàkátà: Rárá Ìyá, ìyẹn yàtọ̀. Inú sáìtì tiwa là ń sọ.

Ará Ọ̀fà: Èmi tún fi `fuzziness: AUTO` sí i fún àṣìtẹ̀. Sáìtì oúnjẹ ni tèmi. Ẹnì kan wá "ofi", obì ló rí.

Alfa Ẹ̀rọ: Ó yẹ bẹ́ẹ̀. Láti lẹ́tà 3 dé 5, ó ń gba àṣìṣe kan. Ẹ má pààrọ̀ ọ̀rọ̀ mọ́ oníbàárà lọ́wọ́. Ẹ bi í pé "Ṣé obì lẹ ń wá?", kẹ́ ẹ sì rí i pé ohun tẹ́ ẹ dábàá wà nílẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ óò kàn tún jù ú sínú òfo mìíràn.

Ìyá Aláṣọ Ìpàta: Ti àwọ̀ yẹn ò yé mi o. Aṣọ ẹbí pupa ni wọ́n ní ká rà, ẹ wá ń kó búlúù síwájú mi?

Alfa Ẹ̀rọ: Ìyá wí ire. Ẹ kọ ọ́ gbangba pé "Kò sí òfì pupa. Àwọ̀ mìíràn rèé", kẹ́ ẹ tó kó wọn jáde. Ẹ fi ohun tó tẹ̀ sílẹ̀ nínú àpótí kó lè tún un ṣe, kẹ́ ẹ sì fi nọ́ńbà Wáàsáàpù síbẹ̀.

Ará Ọ̀fà: Nọ́ńbà yẹn á pa yín lára. Gbogbo òru ni wọ́n á máa pè.

Ọmọ Pàkátà: Mo ti fi "ofi" sínú `must`, "ilorin" sì ti ń já bọ́. Ti àwọ̀ ni mi ò tíì fọwọ́ kàn.