Àbọ̀ ìbéèrè mi: írésà tàbí máàsìkì?

Mo béèrè pé: "Mo gbé ìkòkò òdòdó sínú fọ́tò ọgbà nínú Photoshop. Báwo ni koríko ṣe máa bo ìdí rẹ̀?"

Ó ti yọrí, ẹ ṣeun gan-an. Ẹni tó ní kí n fi búrọ́ọ̀ṣì dúdú tọ ewé koríko lórí Layer Mask mọ̀ ọ́n. Ibi tí dúdú bá kàn, ìkòkò á fara pamọ́, kì í parẹ́. Ó tún ní kí n tú ẹ̀wọ̀n tó so máàsìkì mọ́ ìkòkò. Ìyẹn gan-an ló dùn mọ́ mi jù: nígbà tí oníbàárà ní kí n sún ìkòkò sósì, ìkòkò nìkan ló sún, àwòrán koríko dúró sípò. Mo tẹ X kí búrọ́ọ̀ṣì yí láti dúdú sí funfun, mo fi funfun dá ibi tó ṣófo padà, mo sì tọ ewé tuntun.

Ẹni tó ní kí n tọ́jú ẹ̀dà kí n tó lo írésà jàre díẹ̀. Ẹ̀dà á wà lóòótọ́, àmọ́ àtúnṣe kékeré á dá iṣẹ́ etí ìkòkò padà síbẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ béèrè nípa irun ìyàwó, búrọ́ọ̀ṣì líle yìí kò ní bá irun mu. Ẹ kọ́kọ́ gbìyànjú Select and Mask.

Òjìji wà lórí léyà tirẹ̀, ní Multiply. Bó ṣe yẹ kó dúdú tó ni èmi àti oníbàárà ṣì ń jiyàn lé.