Ṣé kí n máa mu kíríátìn lọ́jọ́ tí mi ò bá lọ sí jíìmù?

Ọmọ Mọ́kọ́lá: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Mo ra kíríátìn onípáúdà tí àwọn tó ń gbé irin máa ń mu kí agbára wọn lè pọ̀ sí i, ike 300 gíráàmù, mi ò sì fẹ́ kí owó mi wọ igbó. Ọjọ́ Ajé, Ọjọ́rú àti Ọjọ́ Ẹtì ni mo máa ń lọ gbé irin. Kóòṣì wa ní kí n máa bu 5 gíráàmù mu láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tí mo bá ti ṣe tán, pé tó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀, kò wúlò mọ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ dá mi dúró lójú ọ̀nà Mọ́níyà, ó ti lé ní wákàtí méjì kí n tó délé. Bí mi ò ṣe mu ún mọ́ nìyẹn. Ó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo ti bẹ̀rẹ̀, mi ò rí ìyàtọ̀ kankan. Ṣé àsìkò ni mò ń ṣì? Ọjọ́ ìsinmi ńkọ́?

Eégún Alágbára: Àbúrò, má mu ún lọ́jọ́ ìsinmi jàre. Nígbà tí o ò gbé nǹkan kan, kí ni ara fẹ́ fi í ṣe? Wàá kàn tọ̀ ọ́ dànù ni. Èmi a máa mu tèmi ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí n tó bẹ̀rẹ̀, kíá ni agbára rẹ̀ máa ń gbé mi. Ṣùgbọ́n kò yẹ kó o fò ó torí pé o pẹ́ délé.

Àǹtí Elétò Oúnjẹ: Eégún, ẹ wo ara ike yín dáadáa, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti po èròjà inú kọfí mọ́ ọn. Kíríátìn kì í gbéni lójú ẹsẹ̀. Inú ẹran ara ló ń lọ kóra jọ sí, bí ẹni ń pọn omi sínú àmù. Ẹni tó ń pọn omi kì í wo aago, kí àmù ṣáà ti kún ni. Àmù yìí sì ń jò: ara ń sọ nǹkan bíi gíráàmù méjì nù lójúmọ́, ẹ gbé irin o, ẹ sùn sílé o. Ẹran, ẹja àti èyí tí ara fúnra rẹ̀ ń ṣe ló ń dí ìyẹn. Tí ẹ bá fẹ́ kó kún ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, àfi kí ẹ máa bù sí i.

Ọmọ Mọ́kọ́lá, 5 gíráàmù lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ jẹ́ 15. Tí a bá pín in sí ọjọ́ méje, gíráàmù méjì àti díẹ̀ ló bọ́ sí lójúmọ́. Ẹni tó ń mu 3 gíráàmù lójoojúmọ́ pàápàá, bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni kó tó kún. Ibẹ̀ lọ́rọ̀ wà, kì í ṣe ojú ọ̀nà Mọ́níyà. Ẹ mu 3 lójúmọ́, odindi ike bíi tiyín á lo 100 ọjọ́. Tí ẹ bá gbàgbé lọ́jọ́ kan, ẹ kàn máa bá a lọ lọ́jọ́ kejì, ẹ má pa á pọ̀ torí inú lè yọ yín lẹ́nu. Kódà ẹni tó bá dá a dúró pátápátá, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà ni kó tó padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀.

Ti pé kí a mu ún lẹ́yìn tí a bá gbé irin tán, àwọn kan yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní ó dára díẹ̀ sí i. Àwọn mìíràn ò rí ìyàtọ̀. Èmi ò lè torí ẹ̀ sáré délé.

Ìyá Àdìsá: Ẹ dákun, ṣé ó ń ba ààwẹ̀ jẹ́? Ọmọ mi ń mu ún.

Àǹtí Elétò Oúnjẹ: Mà, kò yàtọ̀ sí oúnjẹ, kò gbọ́dọ̀ mu ún lọ́sàn-án. Kó mu ún nígbà sààrì tàbí lẹ́yìn ìṣínu, èyí tó bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn.

Bàbá Ìbejì: Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Mo ń mu ún lójoojúmọ́, mo wá lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Iye kíríátínìn tí wọ́n fi ń wo kíndìnrín lọ sókè díẹ̀, àyà mi já. Ìgbà tí mo jẹ́wọ́ páúdà fún dókítà ló ní nǹkan tí kíríátìn ń yí padà dà nìyẹn, ó sì fi àyẹ̀wò mìíràn wo kíndìnrín mi. Ẹ máa sọ fún wọn kí wọ́n tó gba ẹ̀jẹ̀ o. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ bá ti ń ṣàìsàn, kó má dán an wò láìbi dókítà.

Eégún Alágbára: Mo gbọ́, ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí mo ń rí lára mi.

Ọmọ Mọ́kọ́lá: Ẹ ṣeun, Àǹtí. Mo bu síbí inú ike náà kan, mo gbé e lé sikéèlì tí màmá mi fi ń wọn fúláwà kéèkì. 3.4 gíráàmù ló gbé, kì í ṣe 5! Nǹkan bíi 10 péré ni mo ti ń mu lọ́sẹ̀ látọjọ́ yìí. Síbí kan láàárọ̀, pẹ̀lú ògì, mo ti bẹ̀rẹ̀ lónìí, Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí mi ò lọ síbì kankan.

Eégún Alágbára: Sikéèlì yẹn dà? Bá mi wọn tèmi náà.