Ṣé iṣẹ́ aránbàtà kan tó fún fíìmù ìṣẹ́jú 5?

Ẹ̀yin ọ̀gá mi nínú iṣẹ́ fíìmù, akẹ́kọ̀ọ́ ni mí, mo sì fẹ́ fi fóònù àti gbohùngbohùn kékeré kan ya fíìmù ìṣẹ̀lẹ̀ gidi ní ìlú mi. Aránbàtà kan ni mo yàn, nítorí pé iṣẹ́ rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin tí ojú lè rí: bàtà tó ya wọlé láàárọ̀, ó sì padà di odindi nírọ̀lẹ́.

Mo ti ya ti ìdánwò. Ọwọ́ rẹ̀ hàn kedere lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ṣùgbọ́n ariwo òòlù bo ohùn rẹ̀ mọ́lẹ̀, nígbà tí mo sì gé ọ̀rọ̀ rẹ̀ tí mo so ó pọ̀, ariwo ẹ̀yìn rẹ̀ ń já ní ojú gbogbo ibi tí mo gé. Mo ń rò ó pé kí n gba ohùn rẹ̀ lọ́tọ̀ nínú yàrá tó dákẹ́, kí n sì tẹ́ ẹ sórí àwòrán ọwọ́ rẹ̀, àmọ́ ó máa ń sọ̀rọ̀ dáadáa jù nígbà tí bàtà bá wà lọ́wọ́ rẹ̀, èyí tí n kò fẹ́ pàdánù.

Ẹ jọ̀wọ́, ṣé kí n gbà á lọ́tọ̀ bẹ́ẹ̀, àbí kí n wá ẹni tó ń tún aago ṣe, tí iṣẹ́ tirẹ̀ kì í pariwo, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohun tó ń ṣe lè kéré jù fún ojú kámẹ́rà fóònù mi?