Fáífò oníyàrá 12: ṣé ọ̀nà àbáyọ mi yìí léwu?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá nínú iṣẹ́ sákíìtì. Ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ mi gùn díẹ̀.

Mo ní fáífò kan láàárín kílọ́ọ̀kì méjì tí kò bára wọn rìn. Kí atọ́ka ìkọ̀wé tó kọjá, mo máa ń yí i sí kóòdù Gray, fílípù-fúlọ́ọ̀pù méjì á sì gbà á wọlé. Bíìtì kan ṣoṣo ló yẹ kó yí padà lẹ́ẹ̀kan, kí ẹni tó ń kà á má bàa rí ju iye àtijọ́ tàbí tuntun lọ.

Yàrá 8 ṣiṣẹ́ dáadáa. Mo sọ ọ́ di 12 torí àyè kò tó fún 16, atọ́ka sì wá ń ka 0 dé 23. Látìgbà náà, dátà ń bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, bẹ́ẹ̀ ìdánwò lórí kọ̀ǹpútà kò fi nǹkan kan hàn. Mo fọwọ́ ṣírò rẹ̀:

```
23 -> 11100
 0 -> 00000
```

Bíìtì mẹ́ta ló yí papọ̀! Bí ìhà ìkàwé bá mú 00100, 7 ló rí. Tí òun fúnra rẹ̀ bá wà ní 23, á rò pé dátà 8 wà, nígbà tó jẹ́ ẹyọ kan. Mẹ́rin mẹ́rin ni mo sì ń kà, nítorí náà á ka ìdọ̀tí mọ́ ọn.

Mo ti ronú pé kí n máa ka 4 dé 27, torí 10110 sí 00110 kò ju bíìtì kan lọ.

Yàtọ̀ sí pé kí rísẹ́ẹ̀tì gbé atọ́ka méjèèjì sí 4, kí ló tún lè bàjẹ́ níbẹ̀?

Ẹ ṣeun púpọ̀ ṣáájú.