Ìṣòro, ẹ̀rí, àti kí ni ká pe apá kẹta?

Bọ̀sẹ̀, Iléṣà:
Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fi PowerPoint ṣe síláìdì 11 fún ẹgbẹ́ àgbẹ̀ kòkó wa. Bí nǹkan ṣe ṣẹlẹ̀ ni mo tò ó, láti ìgbà ìkórè títí wọ́n fi dá àpò kòkó wa padà ní oṣù Kejìlá pé ó ti bu. Akọ̀wé ní kí n pín in sí ìṣòro, ẹ̀rí, àti ohun tí a fẹ́ kí ìpàdé fọwọ́ sí, kí ohunkóhun má sì sọnù. Ṣé "ìmọ̀ràn" ni kí n kọ sí apá kẹta ni àbí "àbá"? Síláìdì 6 ló sì rú mi lójú jù: "24 oṣù Kẹwàá: òjò pa kòkó tí a sá sórí simẹ́ńtì. A wọn omi inú rẹ̀: 9%. A pinnu láti ra tapólì."

Túndé, Ilé-Ifẹ̀:
Ẹ kọ "ìmọ̀ràn", gbogbo èèyàn ló mọ̀ ọ́n. Ní ti títò, ẹ ṣí Slide Sorter, kẹ́ ẹ fi máòsì wọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan síbi tó yẹ. Èyí tí kò bá rí ààyè, ẹ tẹ Hide Slide fún un. Kò ní parẹ́ nínú fáìlì.

Ìyá Adé, Iléṣà:
Ẹ ṣọ́ra fún "ẹ̀rí" o. Mo kọ ọ́ sórí ìṣirò owó ìkórè ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, ni àwọn èèyàn bá dìde, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, wọ́n rò pé ẹnì kan fẹ́ jẹ́rìí oore Ọlọ́run. "Ohun tó fi hàn" ni mo wá yí i sí.

Alàgbà Oyè, Ilé-Ifẹ̀:
Ìpàdé àgbẹ̀ kọ́ ni ìsìn, Ìyá Adé. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rí wà bẹ́ẹ̀.

Túndé, òótọ́ lo sọ pé kò ní parẹ́ nínú fáìlì. Ṣùgbọ́n ìpàdé ò ní rí i, ohun tí ìpàdé ò sì rí ti sọnù lójú tiwọn. Wíwọ́ odindi síláìdì ò sì lè yanjú síláìdì 6, nítorí ohun mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀.

Bọ̀sẹ̀, fi ẹ̀dà àtijọ́ pamọ́ ná. Kó o tó wọ́ ohunkóhun, kọ nọ́ńbà àtijọ́ sínú Notes síláìdì kọ̀ọ̀kan. Ibi tí síláìdì bá lọ ni Notes rẹ̀ ń bá a lọ. Fi Ctrl+D ṣe ẹ̀dà méjì sí síláìdì 6, kọ 6a, 6b àti 6d sí wọn, kó o wá fi ohun kan ṣoṣo sílẹ̀ nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Tó o bá parí, kọ 1 dé 11 sórí ìwé, kó o máa fagi lé èyí tó o bá rí. Nọ́ńbà tí o kò bá fagi lé ló sọnù.

Déètì náà máa ń sọnù láìjẹ́ pé èèyàn fura. Nígbà tí ìtò jẹ́ ti ọjọ́, ipò síláìdì nìkan ti ń sọ ohun tó ṣáájú. Ní báyìí, kọ déètì sórí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Wo tapólì yẹn: tó o bá gbé e sí apá kẹta, ìpàdé á rò pé ẹ tún fẹ́ ra òmíràn. Ṣé ẹ ti rà á?

Bọ̀sẹ̀:
A ti rà á, sà. A tún wọn kòkó ní oṣù Kọkànlá, ó ṣì lé ní 8%. 7.5% ni àwọn tó ń rà á fẹ́.

Alàgbà Oyè:
Ẹ̀rí nìyẹn, pé tapólì nìkan ò tó. Ohun tí ẹ kò tíì ṣe ló yẹ kó wà ní apá kẹta. Ìdí tí mo fi yan "àbá" nìyí: a máa ń dábàá kí ẹlòmíì lè fọwọ́ sí i, ìmọ̀ràn, ẹni tó gbọ́ ọ lè gbà á kó má sì ṣe nǹkan kan. Bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn apá yẹn pẹ̀lú "kí": "Kí ẹgbẹ́ ṣe pẹpẹ ìsákòkó." Èyí tí kò bá gba "kí" kì í ṣe ti ibẹ̀.

Túndé:
Ẹ ṣé, sà. Àmọ́ àwọn àgbẹ̀ tí mo mọ̀, "ìmọ̀ràn" ni wọ́n máa gbọ́ o.

Bọ̀sẹ̀:
Mo ti ṣe é. Síláìdì 9 ní "bí a ṣe rí i lẹ́ẹ̀kan", bẹ́ẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ ni ohun tó ń tọ́ka sí wà báyìí. Mo ti tún un kọ. Nọ́ńbà 2 nìkan ni n kò tíì fagi lé: bí a ṣe fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bo kòkó fún ọjọ́ 6. Kì í ṣe ìṣòro, kì í sì í ṣe àbá.

Túndé:
Ẹ̀rí ni. Ó ń fi hàn pé kì í ṣe ibi bíbo ni nǹkan ti bàjẹ́.

Ìyá Adé:
Ẹ fún un ní apá tirẹ̀ níwájú, kẹ́ ẹ pè é ní "ìpìlẹ̀".

Alàgbà Oyè:
Apá mẹ́ta ni akọ̀wé ní kó ṣe o, Ìyá Adé. Tèmi bá ti Túndé mu, àmọ́ tí kòkó yẹn bá pé ọjọ́ 6 lóòótọ́ nìkan. Bọ̀sẹ̀, ta ló kà á?