Ta ló ti ṣe físítúlà kí dayálísísì tó bẹ̀rẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Dókítà kíndìnrín kọ lẹ́tà sí bàbá mi lẹ́yìn àyẹ̀wò. Ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru ti ba kíndìnrín méjèèjì jẹ́. Iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe kò ju bí ìdá kan nínú márùn-ún lọ (eGFR 19, ìpele kẹrin), èyí tó sì ti bàjẹ́ kò ní padà bọ̀ sípò. Ó ní kí wọ́n jáwọ́ nínú agbo àti oògùn ìrora bí ibupurófẹ̀n. Ìyẹn yé wa. Màmá mi ti da agbo nù kí n tó kà á tán.

Iṣẹ́ abẹ físítúlà yìí ló dá ìjà sílẹ̀. Wọ́n fẹ́ so iṣan ẹ̀jẹ̀ méjì pọ̀ ní apá òsì, bẹ́ẹ̀ àsìkò dayálísísì, ìyẹn fífi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀, kò tíì tó. Ẹ̀gbọ́n mi ní owó ni dókítà ń wá. Ṣùgbọ́n lẹ́tà náà ṣàlàyé pé ó lè gbà tó oṣù méjì sí mẹ́ta kí iṣan náà tó tóbi tó abẹ́rẹ́ dayálísísì. Bí a bá dúró di ọjọ́ pàjáwìrì, rọ́bà ni wọ́n máa kì bọ̀ ọ́ lọ́rùn, kòkòrò àìsàn sì ń tètè gba ibẹ̀ wọnú ẹ̀jẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe é, ìgbà wo ló tó ṣeé lò? Ṣé ẹnì kan wà tí tirẹ̀ kọ̀ tí kò tóbi? Káfíńtà ni bàbá mi: ṣé wọ́n ṣì lè fi apá yẹn gbé pákó?